Ìkéde ìbí àti ìpè ìkómọ lédè Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ará wa lókè òkun: ibo ni kí n ti ṣọ́ra?

Àbúrò Ọkọ

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi bímọ ní Ìbàdàn láàárọ̀ Sátidé, ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún 2025 yìí. Èmi ni wọ́n ní kí n túmọ̀ ohun tí Bàbá kọ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, kí n sì fi ránṣẹ́ sí àwọn ará wa ní Lọ́ńdọ̀n, Tòróńtò àti Hiúsítọ̀n. Àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ gbọ́ Yorùbá dáadáa, àmọ́ àwọn ọmọ wọn ò gbọ́, àna wa kan sì wà tó jẹ́ òyìnbó. Ohun tí Bàbá kọ nìyí:

```
Ẹ bá wa yọ̀ o! Ìyàwó wa ti bí tibi-tire. Ọkùnrin làǹtì-lanti ni.
Ìyá ń bẹ, ọmọ ń bẹ. Ìkómọjáde di ọjọ́ kẹjọ, aago mẹ́sàn-án àárọ̀,
ní ilé wa. Gbogbo ẹbí tó wà lókè òkun, ẹ fi orúkọ yín ránṣẹ́
kó tó di ọjọ́ náà.
```

Kò gùn, ṣùgbọ́n mo ti kọ ọ́, mo ti pa á rẹ́, kò jọ ara wọn. Kí ni kí n mójú tó?

Bàbá Ìlúpéjú

Ẹ kú ewu ọmọ o. Ọlọ́run á wò ó, á dá a sí.

Kò le tó bẹ́ẹ̀. Láyé àtijọ́, ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n ń sọ ọkùnrin lórúkọ, ọjọ́ keje ni ti obìnrin, ọjọ́ kẹjọ ni ti ìbejì. Lóde òní, ọjọ́ kẹjọ ni gbogbo wa ń lò, ohun tí Bàbá kọ náà nìyẹn. Fi mẹ́jọ kún 25, wà á rí i pé ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá ló bọ́ sí, ọjọ́ Àìkú. Ó tiẹ̀ dára, torí kò sẹ́ni tó ń lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú. Ní ti aago, àwa àti Lọ́ńdọ̀n kò yàtọ̀. Aago mẹ́sàn-án ibí náà ni aago mẹ́sàn-án ibẹ̀.

Àdùkẹ́ Atúmọ̀

Ẹ kú ewu ọmọ. Ẹ ṣeun, Bàbá. Òótọ́ ni ohun tí ẹ sọ nípa ọjọ́ kẹsàn-án àti ọjọ́ keje, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká tún ìṣirò yẹn ṣe kí lẹ́tà náà tó jáde.

Ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ gan-an ni Yorùbá ń kà sí ọjọ́ kìíní. Sátidé jẹ́ ọ̀kan, Àìkú jẹ́ èjì, Ajé ẹ̀ta, Ìṣẹ́gun ẹ̀rin, Ọjọ́rú àrún, Ọjọ́bọ̀ ẹ̀fà, Ẹtì èje, Sátidé tó ń bọ̀ sì ni ẹ̀jọ. Ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ni ìkómọ, kì í ṣe ọjọ́ kejì. Bí a ṣe ń ka ọjọ́ ọjà náà nìyẹn: ọjà tí a ń ná ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún, ọjọ́ mẹ́rin péré lẹ́yìn tí a ná an ni yóò tún kò. Ẹni tó bá dàgbà sínú èdè Gẹ̀ẹ́sì kì í ka ọjọ́ ìbí mọ́ ọn. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, yóò sì dé ọjọ́ Àìkú gẹ́lẹ́, níbi tí ẹ̀yin náà dé. Bí àwọn ará Tòróńtò bá ṣí ẹ̀rọ wọn lọ́jọ́ Àìkú, ọmọ ti jẹ́ orúkọ láti àná.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní túmọ̀ «ọjọ́ kẹjọ» rárá nínú ìwé ìpè. Orúkọ ọjọ́, déètì, orúkọ oṣù ní lẹ́tà, àti ọdún ni kí ẹ kọ. Ẹ má fi nọ́ńbà kọ oṣù. Ẹ wo èyí:

```
01/11/2025
```

Ní Lọ́ńdọ̀n, ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ni wọn yóò kà á sí. Ní Hiúsítọ̀n, ọjọ́ kọkànlá oṣù kìíní ni, wọn á sì rò pé ẹ ṣì í kọ nítorí oṣù yẹn ti kọjá tipẹ́.

Aago wá ni ibi tí ọ̀sẹ̀ yìí gan-an ti burú. Àwa ní Nàìjíríà kì í yí aago padà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dópin, àwọn ló ń yí tiwọn. Lọ́jọ́ Sátidé tí wọ́n bí ọmọ, lóòótọ́ aago Lọ́ńdọ̀n àti tiwa dọ́gba. Àmọ́ ní òwúrọ̀ Àìkú, ọjọ́ 26, Bìrìtéènì yí aago wọn sẹ́yìn, a sì ti fi wákàtí kan ṣíwájú wọn. Àwọn ará Amẹ́ríkà àti Kánádà ní tiwọn, ó di ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá kí wọ́n tó yí i, ìyẹn ọjọ́ kejì ìkómọ. Nítorí náà, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Ìbàdàn ní ọjọ́ yẹn jẹ́ aago mẹ́jọ àárọ̀ ní Lọ́ńdọ̀n, aago mẹ́rin ìdájí ní Tòróńtò, àti aago mẹ́ta òru ní Hiúsítọ̀n.

Ẹni tó bá kọ ìwé ìpè lọ́jọ́ tí wọ́n bímọ, tó wo aago lórí fóònù rẹ̀, tó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀, yóò ṣi Lọ́ńdọ̀n lọ́nà ní wákàtí kan. Ẹni tó bá sì lo ìyàtọ̀ ìgbà òtútù fún Hiúsítọ̀n, aago méjì òru ni yóò kọ fún wọn, wọn á sì jókòó de yín fún wákàtí kan gbáko. Ìyàtọ̀ aago ti ọjọ́ ìkómọ ni kí ẹ wò, ẹ má wo ti òní.

Alfa Ìsàlẹ̀ Ọjà

Àdùkẹ́, o ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un nítorí àwọn ẹbí tí Mùsùlùmí pọ̀ nínú wọn. Ọjọ́ keje ni sunna sọ fún àkíkà. Ọ̀pọ̀ wa nílẹ̀ Yorùbá sì ń tẹ̀lé ọ̀nà Máliki, tí kì í ka ọjọ́ ìbí bí ọmọ bá wáyé lẹ́yìn tí àfẹ̀mọ́júmọ́ ti là. Bí ẹ bá ti fo Sátidé ìbí, Àìkú di ọ̀kan, Sátidé tó ń bọ̀ di èje. Ọjọ́ keje tiwọn àti ọjọ́ kẹjọ tiyín, ọjọ́ kan náà ni. Mo sọ èyí nítorí pé bí àwọn kan lókè òkun bá gbọ́ «ọjọ́ keje» lẹ́nu alfa, tí wọ́n sì gbọ́ «ọjọ́ kẹjọ» lẹ́nu Bàbá, wọ́n lè rò pé ayẹyẹ méjì ni. Déètì kan ṣoṣo nínú ìwé ti tó.

Bí ọmọ bá wáyé lẹ́yìn ìrun màgíríbì, ẹ bi alfa yín kí ẹ tó kọ ohunkóhun.

Oníwèé Àṣẹ

Ẹ má fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ yìí o. Ìtumọ̀ ìwé ìbí fún òkè òkun gbọ́dọ̀ ní òǹtẹ̀. Ẹ lọ sí kóòtù kí ẹ lọ búra, kí atúmọ̀ tí ìjọba mọ̀ sì fọwọ́ sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ́ḿbásì ò ní gbà á.

Àbúrò Ọkọ

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n, àmọ́ kì í ṣe ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí ni. Ìkéde fún ẹbí lásán ni, orí WhatsApp la ó fi í sí.

Àdùkẹ́ Atúmọ̀

Bẹ́ẹ̀ ni. Ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí tí Àjọ Ètò Ìkànìyàn ń fúnni, èdè Gẹ̀ẹ́sì náà ni wọ́n fi ń kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sí ohun tí a fẹ́ túmọ̀ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká padà sórí ohun tí Bàbá kọ.

Ibi mẹ́ta ni mo rí tí Gẹ̀ẹ́sì tààrà yóò ti dá wàhálà sílẹ̀. Àkọ́kọ́ ni «ìyàwó wa». Nílé, gbogbo wa mọ̀ pé ẹni tí ẹbí kan fẹ́, ìyàwó gbogbo ẹbí ni. Bí ẹ bá gbé e bó ṣe wà, àna yín òyìnbó yóò béèrè pé èèyàn mélòó ló fẹ́ obìnrin náà. Orúkọ ìyá àti orúkọ bàbá ọmọ ni kí ẹ kọ síbẹ̀. Ó ń ran àwọn ọmọ ẹbí tí wọn ò gbé nílé rí náà lọ́wọ́, torí púpọ̀ nínú wọn ò mọ ìyàwó ẹni tí à ń sọ.

Èkejì ni «tibi-tire». Ohun tó ń sọ ni pé ọmọ wáyé, ibi ọmọ náà sì jáde, ewu kò sí. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti túmọ̀ rẹ̀ sí rere àti búburú, tí ẹni tó kà á fi tẹ fóònù láti béèrè ohun tó ṣe ọmọ. Ẹ má kọ ti ibi ọmọ sínú ìkéde Gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹ bá ti kọ ọ́ pé ara ìyá àti ọmọ le, ẹ ti sọ gbogbo rẹ̀. «Làǹtì-lanti» náà, ẹ fi sílẹ̀. Bí wọ́n bá wọn ọmọ, tí ẹ sì mọ ìwọ̀n rẹ̀, ẹ lè kọ ìyẹn dípò rẹ̀, nítorí ohun tí àwọn ará ibẹ̀ máa ń béèrè nìyẹn.

Ẹ̀kẹta ló burú jù, ìyẹn «ẹ fi orúkọ yín ránṣẹ́». Ó ṣeé ṣe kí ẹ kọ ọ́ báyìí:

```
All relatives abroad should send their names before the day.
```

Ẹni tó bá ka èyí yóò rò pé ẹ fẹ́ ka àwọn tó ń bọ̀ ni. Orúkọ ara rẹ̀, ti ìyàwó rẹ̀ àti ti ọmọ rẹ̀ méjì ni yóò fi ránṣẹ́. Lọ́jọ́ ìkómọ, ìwé yóò wà lọ́wọ́ Bàbá tó kún fún orúkọ àwọn àgbàlagbà, kò ní sí ẹyọ orúkọ ọmọ kan níbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ báyìí:

```
Please send the name you have chosen for the baby.
```

Ẹ sì fi gbólóhùn kan ṣáájú rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni nínú ẹbí lè sọ ọmọ lórúkọ. Ẹni tí kò mọ̀ pé àṣà wa nìyẹn yóò bẹ̀rù pé òun ń dá sí ohun tó jẹ́ ti ìyá àti bàbá nìkan.

Ìyá Àgbà Ṣakí

Ọmọ yìí mọ ohun tó ń sọ. Ẹ kú ewu ọmọ o, ẹ̀yin ẹbí.

Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ tó ń lọ wá orúkọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n á rí Dúrójayé, wọ́n á kà á pé ó ní kí ọmọ dúró jẹ ayé, wọ́n á ní ó dùn. Orúkọ àbíkú ni. Bí wọ́n bá pè é níwájú ìyá ìkókó tí kò bí àbíkú rí, ẹ̀rù á bà á. Málọmọ́ náà bẹ́ẹ̀. Babátúndé ńkọ́? Bàbá àgbà ọmọ yìí wà láàyè, òun gan-an ló kọ ìwé yẹn. Ẹni tó bá sọ ọmọ ní Babátúndé lójú rẹ̀, kí ló ń sọ fún un? Àwọn orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ayàn, ti ìdílé onílù ni. Ti Ọdẹ, ti ọlọ́dẹ ni. Kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ àgbà kan nílé kí wọ́n tó fi í ránṣẹ́.

Kí wọ́n sì kọ orúkọ náà tán. Bí ẹnì kan bá kọ Tolú sílẹ̀ lásán, ṣé Tolúlọpẹ́ ni àbí Tolúwanimí?

Àdùkẹ́ Atúmọ̀

Ẹ ṣeun, Ìyá. Nítorí ọ̀rọ̀ yín kẹ́yìn yìí ni mo fi máa ń ní kí wọ́n fi ìtumọ̀ orúkọ náà tẹ̀ lé e. Àwọn tó wà lókè òkun kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀, fóònù ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í ní àwọn lẹ́tà wa tó ní àmì lábẹ́. Bí ìtumọ̀ bá wà níbẹ̀, ẹni tí yóò pe orúkọ náà nílé mọ ibi tí yóò gbé ohùn sí.

Màmá Ìbejì

Ẹ jọ̀ọ́, mo ní ìbéèrè tèmi. Ìbejì ni àwa bí, ọ̀kan ṣì wà nínú ẹ̀rọ amúmọmóoru ní ọsibítù. Àwọn ará Lọ́ńdọ̀n ń béèrè orúkọ wọn. Ṣé a lè kọ Táíwò àti Kẹ́hìndé sínú ìkéde kí ọjọ́ ìkómọ tó pé? Kí ni a ó sì kọ nípa ara wọn?

Ìyá Àgbà Ṣakí

Ẹ kú ewu, ẹ kú ìtọ́jú, Èdùmàrè á fún èyí tó wà lọ́sibítù ní ìlera. Orúkọ àmútọ̀runwá ni Táíwò àti Kẹ́hìndé, kò dúró de ìkómọ. Ẹ lè kọ ọ́. Ìgè, Àìná, Òjó, Dàda, gbogbo wọn bẹ́ẹ̀ ni. Orúkọ àbísọ ni a kì í pè jáde ṣáájú ọjọ́ rẹ̀.

Àdùkẹ́ Atúmọ̀

Màmá, Ọlọ́run á jẹ́ kí wọ́n jọ dé sílé láyọ̀. Ẹ má da gbólóhùn ìlera inú ìkéde ẹlòmíì kọ. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé gbogbo wọn wà dáadáa, ẹbí á máa retí àwòrán ọmọ méjì, ẹ ó sì máa ṣàlàyé fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Gbólóhùn kan ṣoṣo tó:

```
Mother is well. One of the twins is still in hospital care
and we ask for your prayers.
```

Ní ti Àbúrò Ọkọ, bí àwọn kan bá béèrè orúkọ ọmọ kó tó di Sátidé, kí ìkéde náà ti dáhùn ṣáájú pé ọjọ́ yẹn ni yóò jẹ́ orúkọ. Odindi rẹ̀ nìyí. Ẹ fi orúkọ tòótọ́ rọ́pò ohun tí mo fi lẹ́tà ńlá kọ:

```
With joy we announce the birth of a baby boy to
ORÚKỌ ÌYÁ and ORÚKỌ BÀBÁ
in Ibadan on Saturday 25 October 2025.
Mother and baby are well.

He will receive his names on Saturday 1 November 2025
at 9:00 a.m. Nigerian time, at the family house in Ibadan.
London 8:00 a.m. / Toronto 4:00 a.m. / Houston 3:00 a.m.

By our custom, every relative may give the child a name.
Please send the name you have chosen for the baby, in full,
with its meaning, by Thursday 30 October.
It will be called out with your prayers.
```

Mo fi Ọjọ́bọ̀ ṣe òpin nítorí pé ẹ nílò ọjọ́ Ẹtì láti kọ àwọn orúkọ sórí ìwé, láti yọ èyí tó jọra kúrò, àti láti fi àwọn tó ń kọni lóminú han àwọn àgbà. Àwọn ará Hiúsítọ̀n máa ń fèsì ní alẹ́ tiwọn, ìyẹn òru tiwa. Èyí tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ wọn yóò bá yín láàárọ̀ Ẹtì.

Bàbá Ìlúpéjú

Àdùkẹ́, mo rí ìṣirò rẹ, ó tọ́. Ọjọ́ Sátidé ni. Àmọ́ aago mẹ́ta òru fún àwọn ọmọ Hiúsítọ̀n, ṣé kò ní dára kí wọ́n sún ìkómọ sí ọ̀sán?

Àbúrò Ọkọ

Mo bi Bàbá, wọ́n ní rárá. Àárọ̀ ni wọ́n ń kó ọmọ jáde, oòrùn ò gbọ́dọ̀ mú ọmọ. A ó ká a sílẹ̀, a ó sì fi ránṣẹ́ sí wọn. Lọ́ńdọ̀n á rí i lórí Zoom.

Ìbéèrè méjì ló kù. Owó tí èèyàn ń fi sínú abọ́ bó bá ti pe orúkọ, ṣé kí n kọ ọ́ sínú ìpè? Bàbá sì fẹ́ kí oríkì ìdílé wa wọ inú ìwé náà, pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀.

Alfa Ìsàlẹ̀ Ọjà

Ti owó, ẹ má kọ ọ́. Nọ́ńbà àkáǹtì lábẹ́ ìkéde ọmọ tuntun máa ń jọ ẹ̀bẹ̀ lójú ẹni tí kò mọ àṣà wa. Ẹ yan ẹnì kan nílé tí yóò fi owó sílẹ̀ dípò ẹni tó wà lókè òkun, kí òun àti onítọ̀hún sì jọ sọ ọ́ láàárín ara wọn.

Ìyá Àgbà Ṣakí

Èmi ò fara mọ́ ìyẹn, Alfa. Àwọn tó gbọ́ Yorùbá nínú wọn mọ̀ pé owó wà nínú rẹ̀, wọ́n á sì máa wá ọ̀nà láti fi ránṣẹ́. Ẹ kàn kọ ọ́ fún àwọn yẹn ní Yorùbá lọ́tọ̀.

Oríkì sì rèé, ẹ má túmọ̀ rẹ̀. Kí ẹnì kan kì í, kí ẹ gbà á sílẹ̀ lóhùn.

Àdùkẹ́ Atúmọ̀

Mo gbà pẹ̀lú Ìyá lórí ohùn, ṣùgbọ́n mi ò gbà pé ká má túmọ̀ rẹ̀ rárá. Àwọn ọmọ tó dàgbà sí Tòróńtò, bí wọn ò bá rí ìtumọ̀ kankan, ariwo lásán ni oríkì yóò jẹ́ létí wọn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kò gbọdọ̀ sí nínú ìwé ìpè, nítorí gbogbo orúkọ ìlú àti orúkọ bàbá ńlá inú rẹ̀ ló ń fẹ́ àlàyé, ẹni tó ń wá aago ìkómọ kò sì ní rí i mọ́. Àbúrò Ọkọ, ẹ fi ìpè ránṣẹ́ lónìí, kí oríkì tẹ̀ lé e lẹ́yìn ìkómọ. Ẹ bá mi kọ ìlà mẹ́rin àkọ́kọ́ rẹ̀ síbí ká jọ wò ó.

Àbúrò Ọkọ

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti fi ìpè ránṣẹ́. Ìbátan wa kan ní Hiúsítọ̀n ti fèsì, ó ní òun ti rí orúkọ tó dùn, Dúrójayé. Mo ń pè é lórí fóònù báyìí. Bí mo bá ti bá a sọ̀rọ̀ tán, màá gba oríkì lẹ́nu Bàbá, màá sì kọ ọ́ síbí.